Bí ojú ṣájà fóònù bá ti bàjẹ́: Ọ̀nà tí ẹ lè gbà kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà láìlo wáyà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ayàwòrán kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi fóònù ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó sì fẹ́ gba fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Fọ́tò náà lé ní irínwó. Bí ó bá ki ṣájà bọ fóònù, iná ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú ojú ṣájà, ibi tí iná ń gbà yàtọ̀ sí ibi tí fáìlì ń gbà, èyí tí fáìlì ń gbà ló sì ti kú. Bí ó bá ní kí òun fi WhatsApp fi wọ́n ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lójoojúmọ́, dídán wọn yóò dínkù, dátà rẹ̀ yóò sì lọ.

Inú fóònù náà ni ojútùú ọ̀rọ̀ yìí wà. Láti orí Áńdírọ́ìdì kọkànlá tó jáde lọ́dún 2020 ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní Wireless debugging ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe áàpù ni wọ́n dìídì ṣe é fún, kí wọ́n lè máa dán iṣẹ́ wọn wò láìlo wáyà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè fi kó fáìlì, kó sì fi gbé áàpù sórí fóònù.

Ohun méjì ni ẹ kọ́kọ́ nílò. Èkíní ni irinṣẹ́ kékeré kan tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, SDK Platform-Tools, tó wà lórí developer.android.com. Ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tú u, kí ẹ ṣí fódà platform-tools tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò, ẹ tẹ cmd sí ojú ibi tí orúkọ fódà wà lókè, kí ẹ tẹ Enter. Ojú ewé dúdú kan yóò ṣí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa pàṣẹ.

Èkejì ni kí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lórí Wáífáì kan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé fóònù tí wọ́n fẹ́ kó fáìlì inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń fún kọ̀ǹpútà ní Wáífáì. Èyí kì í sábà ṣiṣẹ́, torí fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí Wáífáì kan kí Wireless debugging tó lè tàn. Ẹ lo Máífáì, tàbí kí ẹ fi fóònù mìíràn pín Wáífáì fún àwọn méjèèjì. Kí ẹ má sì bẹ̀rù dátà: láti ọwọ́ fóònù sí ọwọ́ kọ̀ǹpútà ni fáìlì náà ń lọ, kò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ ṣí About phone, kí ẹ sì tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje. Lórí àwọn fóònù mìíràn, abẹ́ Software information ló wà. Fóònù lè béèrè nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí i. Lẹ́yìn èyí, Developer options yóò yọjú, bóyá lábẹ́ System tàbí nísàlẹ̀ Settings. Ẹ ṣí i, kí ẹ tan Wireless debugging, kí ẹ sì tẹ Allow nígbà tó bá béèrè bóyá ẹ fọkàn tán Wáífáì tí ẹ wà lórí rẹ̀.

Ibi tó ta kókó jù lọ rèé. Ilé olójúlé méjì ni fóònù yín nísinsìnyí. Ojúlé àkọ́kọ́ wà fún kí fóònù àti kọ̀ǹpútà mọ ara wọn. Ojúlé kejì ni wọ́n ń gbà wọlé ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà wọn kò dọ́gba, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan ṣe èkejì yóò kan ilẹ̀kùn títí ni.

Ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà Wireless debugging, kí ojú ewé rẹ̀ ṣí, kí ẹ sì tẹ Pair device with pairing code. Àpótí kan yóò ṣí, tí nọ́ńbà àṣírí oní-dígíìtì mẹ́fà àti àdírẹ́sì kan wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe pa á dé. Ẹ wá kọ àdírẹ́sì inú àpótí náà sórí kọ̀ǹpútà. Ti ayàwòrán wa rèé:

```
adb pair 192.168.0.104:37125
```

Kọ̀ǹpútà yóò béèrè nọ́ńbà mẹ́fà náà. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, tí ẹ rí Successfully paired, wọ́n ti mọ ara wọn nìyẹn. Àpótí náà yóò pa dé, ẹ ó sì rí àdírẹ́sì mìíràn lábẹ́ IP address & Port. Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn dáadáa, ó ti yàtọ̀:

```
adb connect 192.168.0.104:41873
adb devices
```

Bí àdírẹ́sì yìí bá jáde, tí ọ̀rọ̀ náà device sì wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà ti là. Bí Windows bá kọ̀ fún yín, tó mẹ́nu ba 10061, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojúlé àkọ́kọ́ ni ẹ ṣì ń kàn. Bó bá pẹ́ títí kó tó dáhùn, tó wá mẹ́nu ba 10060, Wáífáì náà ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì ti sábà máa ń ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àṣẹ kan ṣoṣo ló kó gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó náà:

```
adb pull /sdcard/DCIM/Camera
```

Inú fódà platform-tools ni fódà Camera yóò bọ́ sí. Ní ìparí, kọ̀ǹpútà yóò sọ iye fáìlì tó kó. Ẹ fi wé iye tó wà lórí fóònù, kí ẹ ṣí díẹ̀ wò, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé fáìlì tàbí áàpù láti kọ̀ǹpútà lọ sórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú fódà platform-tools yìí kan náà, kí ẹ wá pàṣẹ báyìí:

```
adb push album.pdf /sdcard/Download/
adb install app.apk
```

Success ni ẹ ó rí bí áàpù bá ti wọlé. Bó bá jẹ́ INSTALL_FAILED_UPDATE_INCOMPATIBLE ni ẹ rí, ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí áàpù yìí, kì í ṣe ẹni tó ṣe èyí tó wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe sáré yọ ti tẹ́lẹ̀, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò bá a lọ.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò nọ́ńbà mẹ́fà mọ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí. Àmọ́ nọ́ńbà ojúlé kejì máa ń yí padà bí ẹ bá pa Wireless debugging tí ẹ tún tàn án, nítorí náà ẹ wò ó lórí fóònù kí ẹ tó kọ adb connect. Ẹni tí gíláàsì fóònù rẹ̀ sì ti ń kú lọ kò gbọdọ̀ fi í falẹ̀: bí ojú fóònù bá ṣú pátápátá, kò síbi tí yóò ti rí nọ́ńbà kankan kà.

Ẹni tó bá ti gba ojúlé kejì wọlé lè kó fọ́tò yín, ó sì lè gbé áàpù tí ẹ kò mọ̀ sórí fóònù yín. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, kòkòrò kan tí wọ́n pè ní ADB.Miner ràn kálẹ̀ láàrin àwọn ẹ̀rọ Áńdírọ́ìdì, pàápàá tẹlifíṣọ̀n, tí ojúlé àtijọ́ oní-nọ́ńbà 5555 wọn wà ní ṣíṣí, ó sì ń fi agbára wọn wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ohun yòówù kó pe ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ pa Wireless debugging. Bó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni ẹ lò, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lábẹ́ Paired devices, kí ẹ sì tẹ Forget, kó má baà rí ọ̀nà padà wọlé.