Gbígbó Ajá Lẹ́nu Géètì: Èrè Ìṣe àti Ìmúmọ́ra Díẹ̀díẹ̀

Bí ajá bá gbó èrò ọ̀nà, èrò náà a kọjá lọ. Lójú ajá, gbígbó rẹ̀ ni ó lé e. Èyí ni a lè pè ní èrè ìṣe: àbájáde tí ó ń mú kí ìṣe kan pọ̀ sí i. Ìjágbemọ́ni kàn ń fi ariwo kún ariwo ni. Bí a bá sì nà án, ó lè so ìrora mọ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà ọjà ní Èjìgbò ṣe àpẹẹrẹ. A ó kọ́kọ́ fi páànù dí ojú géètì, kí ajá má baà rí gbogbo ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, níbi tí ó jìnnà tó tí ajá fi lè gbọ́ ìró géètì láìgbó, kí ẹnì kan rọra mi géètì. Lójú ẹsẹ̀, kí a fún ajá ní ègé ẹran kékeré. Ìró ni kí ó ṣáájú ẹran. Nígbà tí ajá bá ń gbọ́ ìró tí ó sì ń wo ojú olúwa rẹ̀, a ó sún un mọ́ géètì díẹ̀. Bí ó bá gbó tí ó kọ ẹran, a ti yára jù. Kí a padà sẹ́yìn. Èyí ni ìmúmọ́ra díẹ̀díẹ̀.