Atọ́kùn ‘Ní’ àti Àṣìlò ‘In’, ‘On’ àti ‘At’ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọmọ Yorùbá ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Nínú ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àjọ WAEC ń ṣe, 10 nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ìpéye gírámà àti àkọtọ́. Ìdajì máàkì ni olùyẹ̀wò ń yọ fún àṣìṣe kan. Èyí já sí pé àṣìṣe 20 péré ti tó láti gbá máàkì 10 náà lọ, bí ó ti wù kí ìtàn tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ dùn tó. Lára àwọn ohun tó ń jẹ máàkì yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá, títí kan àwọn tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ni àṣìlò àwọn atọ́kùn kékeré mẹ́ta kan: ‘in’, ‘on’ àti ‘at’. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá wọn pàdé. Síbẹ̀, ẹni tó ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pàápàá ṣì máa ń ṣì wọ́n lò.

Àlàyé tó sábà máa ń wá sí olùkọ́ lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọkàn sí iṣẹ́. Àlàyé yìí kò tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àìfọkànsí ni, àṣìṣe náà ì bá máa yí kiri láìní ìlànà. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà: ibi kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń kọsẹ̀, ibẹ̀ sì ni gírámà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti pín iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò bára mu.

Iṣẹ́ tí ‘ní’ ń ṣe

Nígbà tí Yorùbá bá ń sọ ibi tí nǹkan wà, ‘ní’ ni atọ́kùn tó ń lò. Ó wà ní Ọ̀yọ́. Ó wà ní ilé. Ó wà ní orí tábìlì. Ó wà ní inú àpótí: ‘ní’ kan náà ni. Ohun tó ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá inú ni tàbí òkè ni ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀lé e: inú, orí, abẹ́, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ara, ẹnu, ìdí. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara ènìyàn. Atọ́kùn kàn ń sọ pé ibì kan ni ọ̀rọ̀ ń lọ ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń ya àwòrán ibẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, atọ́kùn fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán.

Ìpajẹ fáwẹ́lì ló bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí ‘ní’ bá pàdé fáwẹ́lì ‘i’, fáwẹ́lì kan yóò jẹ, ‘n’ yóò sì dúró bó ṣe wà: nínú, nílé, nídìí. Bí ó bá pàdé fáwẹ́lì mìíràn, ‘n’ yóò di ‘l’: lórí, lábẹ́, lẹ́yìn, lára. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọdé a máa rò pé odindi ọ̀rọ̀ kan ni ‘nínú’, odindi ọ̀rọ̀ kan sì ni ‘lórí’. Nígbà tí olùkọ́ bá wá kọ ọ́ sójú pátákó pé ‘in’ ni nínú, ‘on’ sì ni lórí, ọmọ náà á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wàhálà kò ní í tètè yọjú, nítorí ìwé wà nínú àpò, ife wà lórí tábìlì, èdè méjèèjì sì bára mu níbẹ̀. Gbèsè tó wà nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà di ọjọ́ iwájú.

Ó yẹ kí a rántí pé ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ni báyìí ti pẹ́. T. J. Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Òyìnbó tó fẹ́ gbọ́ Yorùbá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún. Ẹni tó ti mọ ‘in’ láti inú ìyá rẹ̀ wá lè fi ‘nínú’ ṣe àfikún láìsí ewu púpọ̀. Ọmọ Àkẹ̀sán tó ń bọ̀ láti òdìkejì ni ewu wà fún.

Ẹyẹ, ògiri àti ìlú

Yorùbá ní ẹyẹ wà lórí igi. Òkè ni ẹyẹ wà, ‘orí’ sì tọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ‘The bird is on the tree’. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹ̀ka àti ewé bí ohun tó yí ẹyẹ ká, ó sì ní ‘in the tree’. Bí ó bá jẹ́ máńgòrò tó so mọ́ ẹ̀ka ni, Gẹ̀ẹ́sì yóò padà sí ‘on’, nítorí èso fara kan igi ni, igi kò gbé e pamọ́.

Ti ògiri tún lọ́jú ju èyí lọ. Àwòrán tí a gbé kọ́ kò sí lórí ògiri. Ara ògiri ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há ‘in’ àti ‘on’ sórí kò rí ‘lára’ nínú ohun tí olùkọ́ fún un, nítorí náà yóò máa méfò: ‘in the wall’ lónìí, ‘at the wall’ lọ́la. ‘In the wall’ ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wọnú búlọ́ọ̀kù lọ ló ń bá wí, bí wáyà iná. ‘On’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ fún àwòrán náà. Ibi tó yẹ kí olùkọ́ ti dúró pẹ́ nìyí. Ohun tí ‘orí’ ń bèèrè ni pé: ṣé òkè nǹkan náà ni? Ohun tí ‘on’ ń bèèrè ni pé: ṣé ó fara kan ojú rẹ̀? Eṣinṣin tó bà sí àjà, òrùka tó wà ní ìka, ìdọ̀tí tó wà lára aṣọ, gbogbo wọn ni ‘on’ ń kó mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ‘orí’ kò sí nínú ọ̀kankan wọn.

Ní ti ‘at’, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kan tó dúró fún un. ‘At’ kò wo inú ibì kan, kò sì wo ojú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ di ojúàmì kan lásán. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin jẹ́ àpẹẹrẹ tó rọrùn. Bí mọ́tò bá fẹsẹ̀ kan dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀, ‘The bus stopped at Ogbomoso’ ni. Ìlú náà jẹ́ ojúàmì kan lórí ìrìn-àjò. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìyá awakọ̀ ń gbé, ‘His mother lives in Ogbomoso’ ni. Àyíká ibùgbé ni ìlú náà dà báyìí. Yorùbá lo ‘ní Ògbómọ̀ṣọ́’ fún méjèèjì. Òfin kan wà tí àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ni, pé ‘in’ wà fún ìlú ńlá, ‘at’ sì wà fún ìlú kékeré. Ìlú kò yí padà láàárín gbólóhùn méjì òkè yìí, atọ́kùn sì yí padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olùkọ́ tó bá fẹ́ fi òfin náà kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ibẹ̀ pé ìlú wọn kéré.

Ti àkókò

Ní ti ibi, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ní ‘inú’ àti ‘orí’ tó lè fi méfò. Ní ti àkókò, kò ní nǹkan kan. Ní aago méje, ní ọjọ́ Ajé, ní oṣù Kẹta, ní ọdún 1990: ‘ní’ dá dúró. Gẹ̀ẹ́sì ń wọn bí àkókò ṣe gùn tó. Aago jẹ́ ojúàmì, ó gba ‘at’. Odindi ọjọ́ gba ‘on’. Oṣù àti ọdún, tó gba ọjọ́ púpọ̀ sínú, gba ‘in’. Àárọ̀ gba ‘in’ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ ọjọ́, ọjọ́ ló borí: ‘in the morning’, àmọ́ ‘on Monday morning’. Alẹ́ dá yàtọ̀, ó gba ‘at’. Kò sí àlàyé tó ju kí a há a sórí lọ.

Ibòmíràn ni Gẹ̀ẹ́sì kò ti fẹ́ atọ́kùn rárá. Yorùbá kò lè ṣe láìlo ‘ní’ nínú ‘lọ́sẹ̀ tó kọjá’ tàbí ‘lóṣù tó ń bọ̀’, èyí ló ń bí ‘in last week’. Ó tún wọ́pọ̀ láti gbọ́ ‘by’ níbi tó yẹ kí ‘at’ wà. Ẹni tó bá kọ̀wé pé ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ‘by 8 o’clock’ ti sọ fún ẹlẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì pé ó lè bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘lásìkò’ ṣe ń bo ìyàtọ̀ kan mọ́lẹ̀: ‘on time’ ni dídé ní àkókò tí a dá gẹ́lẹ́, ‘in time’ ni dídé kí ó tó bọ́.

Àyẹ̀wò àpẹẹrẹ kan

Ìpínrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni a hun láti kó irú àṣìṣe wọ̀nyí pọ̀:

‘In last Saturday, I travelled from Oyo to Ogbomoso. We left by 7 o’clock. I sat in the bus beside a woman and bought groundnuts in her hand. There were birds on the trees. My uncle, a student in LAUTECH, was waiting for us in the gate.’

‘In last Saturday’ kò fẹ́ atọ́kùn; ‘by’ yẹ kó jẹ́ ‘at’. ‘In her hand’ wá tààrà láti inú ‘lọ́wọ́ rẹ̀’. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘rà’ ló ń fi hàn ní Yorùbá pé nǹkan ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá. Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ náà fún atọ́kùn, ó ní ‘from her’. Irú kan náà ni ti ẹni tó yọ owó nínú àpò, tó wá kọ ‘removed money in his pocket’. Àwọn ẹyẹ yóò wà ‘in the trees’. Yunifásítì tí a ń lọ kàwé jẹ́ ojúàmì nínú gbólóhùn yìí, ‘at LAUTECH’. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì wà ‘at the gate’. ‘In the gate’ fẹ́ dà bí ẹni tí géètì há mọ́.

Àṣìṣe mẹ́fà, máàkì mẹ́ta, nínú gbólóhùn márùn-ún. Kí olùyẹ̀wò má ṣe fa ìlà sí ‘in the bus’ o. ‘On the bus’ wọ́pọ̀ jù fún ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n ‘in’ kì í ṣe àṣìṣe, olùkọ́ tó bá ń yọ máàkì fún un ń fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí olùkọ́ yóò ṣe mọ orísun àṣìṣe

Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kó sì tú ìpajẹ rẹ̀: ‘lórí igi’ yóò di ‘ní orí igi’. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ inú rẹ̀ bá bá atọ́kùn tó ṣì lò mu, èdè abínibí ló fa àṣìṣe náà, ìbéèrè tó kàn sì ni irú àwòrán tí Gẹ̀ẹ́sì ń rí níbẹ̀: ojúàmì, ojú nǹkan, tàbí inú nǹkan. Bí kò bá bá a mu, kí olùkọ́ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn, nítorí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà ń ṣi atọ́kùn lò. Àwọn ẹlẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan nígbà gbogbo: ará Bìrìtìkó ń sọ ‘at the weekend’, ará Amẹ́ríkà ń sọ ‘on the weekend’. Irú èyí ni kí olùkọ́ gbà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ ọ̀kan nínú méjèèjì.