Egbò Wà Lẹ́sẹ̀, Kókó Yọ Nítan

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré lẹ́yìnkùlé, àfọ́kù ìgo bá ya á ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Wọ́n fi aṣọ di ojú egbò náà, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ló ti rí ohun tó já a láyà: kókó kan ti yọ síbẹ̀, ó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí a bá fi ìka kàn án, ọmọ sì ń ké pé ó ń dun òun. Egbò wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ló wá gbé kókó dé itan?

Inú ẹ̀jẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú àwọn iṣan tó kéré jù lọ kọjá, omi díẹ̀ ń jò jáde lára wọn bọ́ sáàárín ẹran ara. Omi yìí ló ń gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi lítà 3 ń ṣẹ́ kù lójúmọ́ lára àgbàlagbà. Àwọn iṣan mìíràn, tí wọ́n tinrin tí ojú lásán kì í sábà rí wọn, ló ń fa èyí tó ṣẹ́ kù. Tó bá ti wọ inú wọn, límfù là ń pè é. Ẹnu àwọn iṣan yìí gbòòrò ju ti iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe omi nìkan ló ń bá ibẹ̀ wọlé. Èérún sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ń bá a wọlé, kòkòrò àrùn tó bá wà lójú egbò náà ń bá a wọlé.

Ọkàn kì í ti límfù bó ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀. Ògiri iṣan límfù fúnra rẹ̀ ló ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣan ẹran ẹsẹ̀ sì ń fún un lọ sókè nígbà tí a bá ń rìn. Èémí tí a ń mí náà ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti rí ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀nà yìí bá bàjẹ́. Aràn tín-ín-rín tí ẹ̀fọn gbé wá máa ń fi inú iṣan límfù ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìlẹ̀kùn náà á di ahẹrẹpẹ, omi á dúró sí ẹsẹ̀, awọ á sì nípọn.

Kí límfù tó padà sínú ẹ̀jẹ̀ nítòsí ọrùn, ó gbọ́dọ̀ gba inú kókó límfù kọjá. Àwọn kókó yìí tó nǹkan bí 600 lára àgbàlagbà. A bí wọn mọ́ wa ni, wọn kì í ṣe àrùn. Wọ́n pọ̀ sí ọrùn, abíyá àti itan, wọ́n sì wà nínú àyà àti ikùn níbi tí ọwọ́ kò lè tó. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju ẹ̀wà lọ, ìrísí wọn náà sì jọ ti ẹ̀wà: ẹ̀yìn wọn yọ, apá kejì tẹ̀ wọnú. Láti ẹ̀yìn tó yọ yẹn ni ọ̀pọ̀ iṣan límfù ti ń wọlé. Láti ibi tó tẹ̀ wọnú ni ìwọ̀nba díẹ̀ ti ń jáde. Nítorí pé ọ̀nà àbáwọlé pọ̀ ju ọ̀nà àbájáde lọ, límfù máa ń rọra lọ nínú rẹ̀, ìyẹn sì ni iṣẹ́ fi lè ṣe é ṣe.

Lábẹ́ awọ líle tó bo kókó náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń gbá kòkòrò àrùn mú, tó sì ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní Bí kóra jọ sí róbótó róbótó. Àwọn tí à ń pè ní Tí wà nísàlẹ̀ wọn. Nínú pátápátá ni àwọn tó ń tú àǹtíbọ́dì jáde ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ìgo ya á, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ awọ ara ti bu nínú kòkòrò tó wọ ojú egbò, wọ́n sì ti gba inú iṣan límfù lọ sókè. Límfù àtàǹpàkò ń gba ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ lọ tààrà sí itan. Ká ní gìgísẹ̀ ni ìgo ya ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ ì bá kọ́kọ́ yà sí kókó tó wà lẹ́yìn orúnkún.

Tí àwọn arìnrìn-àjò yìí bá dé inú kókó, wọn á máa wá sẹ́ẹ̀lì Tí tó mọ irú kòkòrò tí wọ́n gbé wá. Èyí kò rọrùn, torí pé ohun kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì Tí kọ̀ọ̀kan mọ̀, àwọn tó sì mọ kòkòrò yìí kéré gan-an láàárín ẹgbàágbèje. Kókó náà á wá gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i wọlé kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè máa ya wọ ibẹ̀, á sì dí ọ̀nà àbájáde mọ́ wọn fún bí ọjọ́ kan. Àwọn tó bá rí ohun tí wọ́n mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì-méjì. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 2 tàbí 3 lóòjọ́, ọ̀kan á sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kẹta ni ìyá rí kókó náà. Ó ń dun ọmọ torí pé awọ tó bò ó kì í tètè nà, ohun tó wà nínú sì ń tì í láti inú.

Nítorí náà, ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kí a tọ́jú. Kí a má fọwọ́ ra itan, kí a má sì tẹ kókó náà. Kí a fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ egbò, kí a sì mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá bí kò bá gbà á pé. Bí a bá rí ìlà pupa tó ń gun ẹsẹ̀ lọ sókè, iṣan límfù fúnra rẹ̀ ló ti wú yẹn. Tí ìyẹn bá wà, tàbí tí ibà bá mú ọmọ, ọjọ́ náà gan-an ni ká gbé e dé ilé ìwòsàn. Bákan náà ni tí awọ orí kókó bá pọ́n, tó gbóná, tó sì rọ̀: ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti borí, kí ọyún sì ti wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ìwọ̀nyí, kókó náà á máa súnkì fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ó lè má parẹ́ tán. Kókó kéékèèké máa ń wà ní itan àwọn tó ti ń fẹsẹ̀ lásán rìn tipẹ́, kò sì sí àrùn kankan níbẹ̀.

Bí a kò bá rí egbò lẹ́sẹ̀, kí a ronú sí ibòmíràn tí límfù ti ń wá sí itan. Ojú ara, ìdí àti awọ ikùn láti ìdodo sísàlẹ̀ wà lára wọn. Ìtìjú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àgbàlagbà fi èyí pamọ́ fún dókítà, nítorí àrùn ìbálòpọ̀ ń mú kókó itan wú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kókó tí kì í dunni. Kókó tó le, tó lẹ̀ mọ́ ibì kan, tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ṣàn gba inú límfù wá. Àwọn kókó ọrùn tó so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ẹni tó ni wọ́n sì ń rù, tó ń làágùn lóru, lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ wúkọ́ rárá. Àrùn éèdì náà lè mú kókó wú ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó òkè egungun èjìká òsì tún yàtọ̀. Òpó límfù tó tóbi jù lọ, tó ń gbé ti inú ikùn bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ti ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà jẹjẹrẹ àpòlúkù lè fara hàn níbẹ̀ nígbà tí inú kò tíì dun aláìsàn. Kókó tó bá yọ síbẹ̀, ẹ má dúró wò ó. Ti ibòmíràn, bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 4 tí kò súnkì, kí dókítà wò ó. Ó lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí kó gé e jáde, kí wọ́n lè yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò lábẹ́ màíkírósíkópù.