Ibi Tí Òǹwòran Ti Ń Dìde Lọ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláró kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ṣe fídíò oníṣẹ́jú 12 sórí YouTube, ó sì pè é ní «Bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nílé». Ó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé kó tó ya fídíò náà. Èèyàn tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan, ó ṣí YouTube Studio, ó wọ Analytics, ó sì rí ìlà tó ń fi hàn iye òǹwòran tó ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìlà náà wálẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń lọ jẹ́jẹ́ títí dé ìṣẹ́jú kẹfà. Ibẹ̀ ló ti já. Nínú òǹwòran 100, àwọn 52 ló ṣì wà níkàlẹ̀. Kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, wọ́n ti ku 31, ìlà náà kò sì gbérí mọ́.

Kò sí fídíò tí èèyàn kì í fi sílẹ̀ lọ. Ìlà tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bó bá wálẹ̀ tó tún padà gòkè, àwọn òǹwòran fo ibẹ̀ ni, wọn ò lọ. Èyí tó já tí kò padà ni kéèyàn bẹ̀rù, torí pé àwọn yẹn ti bá tiwọn lọ. YouTube tún máa ń fi bí àwọn fídíò rẹ mìíràn tí gígùn wọn jọra ṣe máa ń rí hàn ọ́, lábẹ́ orúkọ Typical retention. Òun ni ká fi wé, kì í ṣe fídíò oníṣẹ́jú kan tí ẹlòmíràn ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ogójì èèyàn péré ló tíì wò ó, ẹ ní sùúrù: ẹni mẹ́rin tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ tó láti mú ìlà náà wálẹ̀.

Kí a tó dá ìwé lẹ́bi, ẹ wo ìpolówó. Fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè gba ìpolówó láàárín, bó bá sì jẹ́ pé YouTube fúnra rẹ̀ la ní kó fi síbẹ̀, ó lè já lu ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ìlà bá já gan-an níbi tí ìpolówó wà, ẹ kọ́kọ́ gbé ìpolówó náà kúrò níbẹ̀. Nínú fídíò aláró wa yìí, ìṣẹ́jú kẹrin ni ìpolówó wà, àwọn èèyàn sì fara dà á. Ọ̀rọ̀ tó kọ ló lé wọn.

Ó wá gbé ìwé náà jáde, ó ń kà á sókè bó ṣe sọ ọ́ nínú fídíò, ó sì ń kọ ìṣẹ́jú sí etí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ tó bá rí i pé ìlà já ní ìṣẹ́jú kẹfà, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kẹfà ni wọ́n máa ń tún kọ. Àṣìṣe ni. Ẹni tó dìde ti pinnu láti dìde kó tó dìde, nítorí náà ìdajì ìṣẹ́jú tó ṣáájú ni ká yẹ̀ wò.

Kí ló wà níbẹ̀? Kí inú òǹwòran lè dùn, aláró yìí na aṣọ kan tó ti parí tẹ́lẹ̀ sókè, ó ní: «Bó ṣe máa ń rí nìyí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ.» Ojú ti rí ohun tí àkọlé ṣèlérí. Kí ni wọ́n tún ń dúró dè? Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni: bí a ṣe ń se ẹ̀kọ láfún kó ki, bí a ṣe ń sá a gbẹ, bí a ṣe ń ri aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, bí a ṣe ń ha ẹ̀kọ kúrò. Ìkíni, ìtàn àti irinṣẹ́ ló ti jẹ ìdajì àkọ́kọ́ tán.

Ẹnì kan lè ní bóyá ṣe ni wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n wá gbọ́ tí wọ́n fi lọ. Ó ṣeé ṣe. Ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò ló máa ń tú àṣírí. Bó bá jẹ́ «ẹ ṣeun» nìkan ni wọ́n kọ, ẹ gé fídíò náà kúrú, ó tán. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi í ni pé kí ló dé tí aró fi wọ abẹ́ ẹ̀kọ tiwọn. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ló ti dáhùn ìyẹn. Wọn ò dé ibẹ̀.

Bó ṣe wá tún un kọ nìyí. Kò fi orin kún un, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má lọ. Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an máa ń rán òǹwòran létí pé òun lè lọ. Ètò ọ̀rọ̀ ló yí padà. Aṣọ tó bàjẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀: aró ti wọ abẹ́ ẹ̀kọ, ọnà rẹ̀ ti rú. Ṣé ẹ̀kọ ló ṣàn jù ni, àbí kò gbẹ dénú, àbí aṣọ ló pẹ́ jù nínú aró? Ìbéèrè yẹn ló gbé sísè àti sísá wá sí ìdajì àkọ́kọ́. Ìtàn kò ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó Mápó sínú ọnà Ìbàdàndùn ló sọ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀, ó sì yọ ìyókù dà nù. Ó dùn ún, nítorí ìtàn náà dára.

Níbi ìdajì, níbi tó ti na aṣọ tó parí sókè tẹ́lẹ̀, ó kọ èyí: «Ẹ̀kọ yìí ti gbẹ lójú, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí mo bá rì í bọ aró báyìí, ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ló máa ba èyí náà jẹ́.» Ẹ fi wé gbólóhùn àtijọ́ yẹn. «Lẹ́yìn náà» kàn ń to ọ̀rọ̀ léra ni. «Ṣùgbọ́n» dá wàhálà sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ á fẹ́ mọ bó ṣe máa yọrí sí. Nígbà tí aṣọ wá jáde láti inú aró, àwọ̀ ewé ló ní. Òǹwòran á rò pé ó ti bàjẹ́, kó tó di pé afẹ́fẹ́ sọ ọ́ di búlúù lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀kọ dúró. Ó di ìgbà tó bá ha á kúrò, ní ìṣẹ́jú kẹwàá.

YouTube kì í jẹ́ kéèyàn fi fídíò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí líǹkì kan náà. Ó lè gé ibì kan kúrò nínú èyí tó ti wà níbẹ̀, bí ìkíni gígùn yẹn, ṣùgbọ́n kò lè fi àwòrán tuntun sí i. Nítorí náà fídíò tuntun ni ìwé tuntun yìí máa bí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹwòran ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kó fi wé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti àtijọ́, torí pé àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò ó, wọ́n sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju àlejò lọ.

Bí ìlà tuntun bá wá já lẹ́yìn ìṣẹ́jú kẹwàá, tí ẹ̀kọ ti kúrò tí ọnà sì ti hàn, kó má tún nǹkan kan kọ mọ́. Ìdágbére oníṣẹ́jú méjì tó fi parí rẹ̀ nìkan ló kù tó yẹ kó gé.