Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Yorùbá?

Lọ́yà kan l'Ógùdù níbí bi mí pé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá wo ni kí òun máa fi ka lẹ́tà àwọn oníbàárà òun. Mo ní kó dán N-ATLaS wò, èyí tí ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ Awarri gbé jáde lọ́dún 2025. Ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀; bí wọ́n bá fún un pọ̀, kò ju nǹkan bíi gígábáìtì 5 lọ. Lẹ́tà oníbàárà kò ní jáde kúrò ní ọ́fíìsì.

Ká sọ òótọ́, àwọn tí wọ́n tì pa gbọ́n jù ú lọ. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà, ègé ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń kà: "ọ́" kan ṣoṣo lè di ègé méjì tàbí mẹ́ta, owó Yorùbá á wá ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọ́n tún lè tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, bí OpenAI ṣe ṣe fáwọn tó wà ní Ṣáínà lóṣù Keje ọdún 2024.

Èyí tó ṣí sílẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Fáìlì `.bin` lè gbé kóòdù olè wọlé. Nọ́mbà lásán ló wà nínú `.safetensors`. Orí Llama 3 ni wọ́n sì kọ́ N-ATLaS lé, nítorí náà àdéhùn Meta ṣì dè é.

Mo ní kí lọ́yà kọ́kọ́ fún un ní lẹ́tà mẹ́wàá tí òun fúnra rẹ̀ ti kà, kó wo iye tó máa ṣì.