Nígbà Tí Ìfihàn Fídíò Bá Já Wálẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò lédè Gẹ̀ẹ́sì sórí YouTube ṣàdédé rí i pé iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wo iṣẹ́ wọn ti já wálẹ̀. Kì í ṣe fídíò kan tàbí méjì. Tuntun àti àtijọ́ ló jọ já láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ariwo ta. Àwọn kan ní YouTube ti yí aligọ́rídímù rẹ̀ padà, ìyẹn ètò tó ń yan fídíò tí yóò gbé síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lẹ́bi pé bóyá iṣẹ́ àwọn ló ti sú àwọn ènìyàn.

Àwọn tó fara balẹ̀ tú ìṣirò wọn wò rí nǹkan mìíràn. Lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni iye náà ti já. Owó ìpolówó kò bá a já, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ àmì ìfẹ́ sí fídíò kò dín kù. YouTube padà sọ pé irinṣẹ́ tí àwọn òǹwòran kan fi ń dí ìpolówó lè ṣàkóbá fún iye tó ń wọlé sínú ìṣirò. Àwọn ènìyàn ṣì ń wo fídíò wọn. Kíkà ni kò pé mọ́.

Iye ìwòran ni ti ọdún 2025 yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìdí rẹ̀ náà ló yẹ ká gbà tí ìfihàn bá já. Kí ẹni tó ń ṣe fídíò tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi, ibi tí ìjábọ̀ náà dúró sí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Ìfihàn, tí YouTube Studio ń pè ní "Impressions", ni iye ìgbà tí àwòrán ojú fídíò hàn síwájú ènìyàn lórí YouTube. Kí ó tó di kíkà, ó kéré tán ìdajì àwòrán náà gbọ́dọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ, kó sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹni tó gba líǹkì lórí WhatsApp tó sì tẹ̀ ẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn fídíò kéékèèké inú Shorts náà ní ìṣirò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní "Shown in feed", kò sì yẹ kí a dà á pọ̀ mọ́ ti fídíò gígùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkànnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ìkànnì oúnjẹ Yorùbá tó ní ọgọ́ta fídíò. Ìfihàn rẹ̀ máa ń jẹ́ 100,000 lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, ó di 50,000, fídíò ogójì ló sì fara gbá a. Ẹni tó ni ín wọ "Analytics" nínú YouTube Studio, ó tẹ "Advanced mode", ó sì fi ọ̀sẹ̀ tuntun náà wé èyí tó ṣáájú nípa "Traffic source", ìyẹn ọ̀nà tí àwọn òǹwòran gbà wọlé. Lójú ewé àkọ́kọ́ YouTube, tí wọ́n ń pè ní "Browse features", 30,000 di 26,000. Nínú ìwádìí, "YouTube search", 10,000 kò yí padà. Níbi fídíò tí YouTube ń dábàá fún ẹni tó ń wo òmíràn lọ́wọ́, "Suggested videos", 60,000 di 14,000.

Ọ̀rọ̀ ti ń yọjú. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń tẹ̀lé ìkànnì náà ló ti kọ̀ ọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ gbọgbẹ́, torí ibẹ̀ ni YouTube ti máa ń gbé ìkànnì síwájú ẹni tó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kígbe pé aligọ́rídímù ti yí padà, wọ́n sì máa ń yára jù.

Tí a bá tẹ "Suggested videos" fúnra rẹ̀, Studio yóò to àwọn fídíò tí òǹwòran ti ẹ̀gbẹ́ wọn wá. Ká ní ẹni tó ni ìkànnì náà rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ẹ̀gbẹ́ fídíò òun kan ṣoṣo wá: èyí tó fi kọ́ni bí a ṣe ń se ẹ̀wà àgànyìn, tó gbòde kan fún oṣù méjì. Fídíò yẹn ti tutù báyìí. Bí ìyá oníṣòwò ńlá kan bá palẹ̀ ẹrù mọ́ lójú pópó, àwọn tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà yóò pàdánù oníbàárà lọ́jọ́ kan náà, bí ọjà tiwọn tilẹ̀ dára. Ogójì fídíò já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló fà á. Aligọ́rídímù kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún fídíò àwọn ẹlòmíràn ni àwọn òǹwòran yẹn ti ń wá, tí gbogbo rẹ̀ sì já lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Tí àwọn tó ṣì ń rí fídíò náà lójú ọ̀nà kan náà bá ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń wò ó pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, a lè fura gidi sí ìyípadà ètò. Kí àwọn ìkànnì oúnjẹ mìíràn tún sọ pé ọjọ́ kan náà, ọ̀nà kan náà, ni tiwọn já, ìfura náà yóò wá lágbára sí i.

Iṣẹ́ tí kò dáa tó kì í sábà rìn báyìí. Ara fídíò tuntun ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ mú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, kí ẹ fi ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wéra. Tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá ń dín kù láti orí ọ̀kan dé òmíràn, tí iye àwọn tó ṣì ń wò ó ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú náà sì ń sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn fídíò ọdún tó kọjá sì dúró gbọn-in, iṣẹ́ ló ń béèrè àtúnṣe. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń sọ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bó bá wá pẹ́, ó lè fa ti àtijọ́ náà lẹ́sẹ̀, torí ẹni tí kò wo tuntun mọ́ kì í dé ibi tí YouTube yóò ti dábàá ti àtijọ́ fún un.

Nǹkan kan wà tó ń tan àwọn tó mọ Studio dáadáa pàápàá jẹ. Bí ìfihàn bá já, ìdá àwọn tó tẹ fídíò nínú àwọn tó rí i, "Impressions click-through rate", sábà máa ń gòkè. Ẹni tó bá rí i lè ní, "Ẹ wò ó, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ mi, YouTube ló ń dí mi lọ́nà." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àjèjì ni YouTube kò fi fídíò náà hàn mọ́. Àwọn ojúlùmọ̀ tó ṣẹ́ kù ló máa ń tètè tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí a ti fi ìdá yìí wéra, kí a sì wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀, torí àròpọ̀ gbogbo ìkànnì kò lè sọ òótọ́ nípa èyí.

YouTube kì í kéde ọ̀pọ̀ ìyípadà tó ń ṣe sí ètò rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà lóde kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ìfura tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tó dára jù tí ó lè ní.

Ẹ̀yin tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má ṣe pa fídíò àtijọ́ rẹ́, ẹ má sì ṣe yí àkọlé àti àwòrán gbogbo wọn padà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti da ẹ̀rí rú, ẹ kò ní mọ ohun tó já a tàbí ohun tó gbé e dìde mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kí ẹ fi ọjọ́ Ajé wé ọjọ́ Ajé, kí ẹ yọ ìgbà ọdún àti ìsinmi kúrò, kí ẹ sì wá ṣí "Traffic source" lákọ̀ọ́kọ́.