Bí orúkọ ìkànnì ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín

Kò sẹ́ni tó ń ra orúkọ ìkànnì ayélujára ní àràtán. Owó ọdún kan tàbí ọdún mélòó kan là ń san, bí ọdún bá sì pé, a ó tún san òmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé ọjọ́ tí owó bá yẹ̀ ni orúkọ ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ tó parí sí .com sábà máa ń ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láti gbà á padà, nítorí náà, kì í ṣe owó tí a kò san lọ́jọ́ kan ló ń gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ohun tó ń gbà á ni pé ìkìlọ̀ ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú kan wà ní Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí orúkọ .com wọn pé ọdún ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta. Láti ọdún 2013, àjọ ICANN tó ń ṣètò orúkọ ìkànnì lágbàáyé ti pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó ta orúkọ kìlọ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, kó tún kìlọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ọdún bá pé. Bí owó kò bá wọlé, ìkànnì lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà lè di orúkọ náà mú fún ọjọ́ bíi 45, ìyẹn títí di àárín oṣù Kẹrin, kí ẹgbẹ́ náà sì san iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Dandan kọ́ ni kó di í mú tó bẹ́ẹ̀; àwọn mìíràn máa ń gbé orúkọ náà sí gbàǹjo kí ọjọ́ náà tó pé. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ìràpadà bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì lè jẹ́ ìlọ́po owó ọdún kan lọ́nà púpọ̀. Ní ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀lé ọgbọ̀n ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò lè rà á padà mọ́. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, ó ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, àwọn tó fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Ibì kan wà tí àwọn tó ń ṣọ́ra gan-an pàápàá ti ń ṣìnà. Bí ọdún bá ti pé, Verisign, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo orúkọ .com, máa ń fi ọdún kan kún un fúnra rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó tà á tó pinnu bóyá yóò pa á mọ́ tàbí yóò pa á rẹ́. Ẹni tó bá yẹ àkọsílẹ̀ náà wò yóò rí ọjọ́ ọdún tó ń bọ̀ níwájú `Registry Expiry Date`, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kò tíì san kọ́bọ̀. Ìlà tó yẹ kó wò pẹ̀lú rẹ̀ ni `Registrar Registration Expiration Date`. Bí ọdún kan bá wà láàárín méjèèjì, kó lọ béèrè ìwé ẹ̀rí owó. Bó bá wá rí `redemptionPeriod`, ọ̀rọ̀ ti di ti ìràpadà nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní ìdí rèé tí ètò ìsanwó aládàáṣe fi wà. Òótọ́ ni, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò náà ń ṣe kò ju kó gbìyànjú káàdì tí a fún un lọ. Bí ọjọ́ káàdì bá ti kọjá, tàbí tí kò sí owó nínú káàdì tí a máa ń kówó sí ká tó ná an, báǹkì á kọ̀, ìwé ìkìlọ̀ á sì tún jáde. Ta ni yóò kà á? Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìkànnì náà ló fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tó sì ti lọ sí Kútọnu, òun nìkan ló máa rí i. Èyí tó burú jù ni kí ímeèlì ẹgbẹ́ náà parí sí orúkọ kan náà tó fẹ́ kú, nítorí bí orúkọ náà bá ti dákẹ́, ìkìlọ̀ tó kẹ́yìn kò ní lè dé àpótí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlówó ló ń fà á. Ní ọdún 1999, Microsoft jẹ́ kí passport.com yẹ̀, ìwọlé sí Hotmail dàrú, àjèjì kan ló sì fi dọ́là 35 san owó náà nígbà Kérésìmesì. Ní ọdún 2016, Sorenson, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn adití gba ìpè, kò san owó orúkọ tirẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún ìgbà kan. Ní ọdún 2019, ó gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, owó ìtanràn àti owó tó dá padà.

Àwọn kan á ní kí a gbé ẹni tó gba orúkọ lọ sí ìgbẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọpọlọ, ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dọ́là 1,500 ni owó adájọ́ kan, olùpẹ̀jọ́ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ òwò lórí orúkọ náà àti pé èrò ibi ni ẹnìkejì fi gbà á. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orúkọ ìlú àti ti kajú ló fi kọ ìkànnì rẹ̀ kò ní rí ìyẹn sọ. Bó bá sì jẹ́ .bj ni, òfin ICANN tí mo kà sílẹ̀ lókè kò dè é, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ló ń pinnu iye ọjọ́. Kí a bi wọ́n kí a tó rà á.

Wọ́n tún ní kí a kúkú san ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí .com gba bẹ́ẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn pé ìyẹn nìkan tó. Láàárín ọdún mẹ́wàá, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò ti yí padà, káàdì yóò ti pààrọ̀, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà lè ti kú. Ká fi orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ká fi ímeèlì méjì tí kò sí lórí orúkọ náà sílẹ̀, kí ènìyàn méjì sì máa kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni a lè wá san ọdún mẹ́wàá.